Ọmọ Wú, Kò Sanra: Ẹ̀kọ́ Inú Ọ̀rọ̀ Kuaṣiọ́kọ̀

Ọ̀rọ̀ àyálò ni kuaṣiọ́kọ̀. Láti inú èdè Gáà ní orílẹ̀-èdè Gánà la ti yá a. Àìsàn tó máa ń ṣe ọmọ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá bí àbúrò lé e ni àwọn Gáà ń pè bẹ́ẹ̀. Dókítà Cicely Williams, ọmọ Jàmáíkà tó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, kọ̀wé nípa àìsàn náà ní 1933; ní 1935 ó fi orúkọ Gáà yìí pè é. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, tí wọ́n wá ń jẹ kìkì oúnjẹ àgbàdo, ló máa ń ṣe.

Oúnjẹ yẹn kò ṣàjèjì sí wa ní Ọ̀fà Garage. Ẹ̀kọ mímu máa ń kún inú ọmọ, ṣùgbọ́n púrótéènì inú rẹ̀ kéré. Bí a bá sẹ́ ògì, díẹ̀ nínú púrótéènì náà ń bá eèrí lọ. Bí a bá tún fi omi púpọ̀ pò ó, ọmọ á yó láìjẹ nǹkan gidi.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ ọdún méjì kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Àwọn ará ilé lè ní ó sanra, bẹ́ẹ̀ omi ló kó sí i lára. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kí ẹ sì gbé e kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn sínú lẹ́sẹ̀ méjèèjì, tí kò tètè padà, wíwú ni. Irun rẹ̀ lè pọ́n, kó sì máa fà tu wẹ́rẹ́. Awọ rẹ̀ lè máa bó. Kò ní fẹ́ ṣeré, kò sì ní fẹ́ jẹun. Irú kejì kì í wú: ọmọ á gbẹ, egungun ìhà rẹ̀ á yọ, ojú rẹ̀ á dà bí ti arúgbó.

Láti dènà rẹ̀, kí ọmọ máa mu ọmú títí di ọdún méjì, kí a sì fi oúnjẹ mìíràn kún un láti oṣù mẹ́fà. Ẹ wọn àgbàdo tàbí ọkà bàbà agolo mẹ́ta, sóyà agolo kan. Ẹ se sóyà náà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ sá a, ẹ yan án, kí ẹ tó lọ̀ ọ́ mọ́ ọkà. Sóyà tútù máa ń dí ara lọ́wọ́ láti lo púrótéènì. Ẹ sè é títí yóò fi ki, kó má máa ṣàn bí omi lórí ṣíbí. Ẹ fi epo pupa díẹ̀ sí i, àti edé tàbí ẹja gbígbẹ tí a gún kúnná. Ẹ̀wà, ẹyin àti wàrà náà dára. Bí ẹ bá lo ẹ̀pà, ẹ ṣa èyí tó bu kúrò.

Oúnjẹ yìí ń dènà àìsàn náà ni. Kì í wo ọmọ tó ti wú sàn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi ẹran àti ẹyin kún un nínú lójijì, nítorí ara rẹ̀ kò tíì lè gbà á. Níbẹ̀, wàrà tí púrótéènì rẹ̀ kéré ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán-tòru.