Ọjọ́ 60 àti Ìwé-ẹ̀rí Ìbí Ọmọ

Òfin kan wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1992. Òfin náà sọ pé ọmọ tí wọ́n bá bí, kí àwọn òbí rẹ̀ lọ fi ìbí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba láàárín ọjọ́ 60. Àjọ Ètò Ìkànìyàn ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé wọn sì máa ń jókòó ní àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú alábọ́dé kan. Àdúgbò tí wọ́n ti bí ọmọ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní abúlé tó wà lẹ́yìn Ìsẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá ilé náà bí ìbejì ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 Oṣù Kẹta ọdún 2025, ní ilé agbẹ̀bí. Wọ́n sọ wọ́n lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ìyẹn Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10. Láti ìgbà yẹn, ọkàn wọn balẹ̀ pé àyè ṣì wà. Bí a bá kà á, Oṣù Kẹta ṣì ku ọjọ́ 28 lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Oṣù Kẹrin ní ọjọ́ 30, ó di 58. Ọjọ́ méjì inú Oṣù Karùn-ún ló kù, nítorí náà ọjọ́ 2 oṣù náà, Ọjọ́ Ẹtì, ni ọjọ́ 60 pé. Ẹni tó bá ní òun á lọ ní ìparí rẹ̀ yóò bá ilẹ̀kùn ní títì ní ọjọ́ 1, nítorí ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ni. Bí ẹbí bá ti ń palẹ̀ àwo ìkómọ mọ́, ó yẹ kí bàbá tàbí ìyá ti mọ ọjọ́ tí wọn yóò lọ.

Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ agbẹ̀bí tó gba ọmọ méjèèjì. Èyí kò ní kí wọ́n má forúkọ wọn sílẹ̀, nítorí bàbá tàbí ìyá fúnra rẹ̀ ni òfin ní kó wá sọ fún akọ̀wé pé wọ́n bímọ. Ṣùgbọ́n akọ̀wé yóò fẹ́ rí ohun tó fi ìbí náà hàn. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí wọ́n ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́, kí ilé ìtọ́jú sì fún wọn ní káàdì tí ọjọ́ ìbí wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bímọ ní ilé ìwòsàn yóò gba ìwé kékeré níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń ká ìwé yẹn mọ́ inú àpótí, wọ́n á gbà pé ìwé-ẹ̀rí ìbí ni. Kì í ṣe òun. Ẹ̀rí tí wọn yóò mú lọ fún akọ̀wé ni.

Ní ọ́fíìsì, akọ̀wé yóò béèrè orúkọ ọmọ, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n bí i, orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti ibùgbé bàbá àti ìyá. Kí àwọn òbí mú nọ́mbà ìdánimọ̀ wọn dání. Táyéwò gba ìwé tirẹ̀, Kẹ́hìndé gba tirẹ̀. Ẹnìkan ò lè wà lábẹ́ ìwé ẹnìkejì. Orúkọ tí ọmọ yóò lò nílé ìwé ni kí wọ́n fún akọ̀wé, kì í ṣe gbogbo èyí tí ìyá bàbá àti ẹ̀gbọ́n ìyá sọ nígbà ìkómọ. Kí orúkọ ìdílé bá ti nọ́mbà ìdánimọ̀ bàbá mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Kí wọ́n tó kúrò níwájú akọ̀wé, kí ẹni tó mọ̀wé kà nínú wọn ka ìwé náà sókè. Àtúnṣe rọrùn nígbà tí akọ̀wé ṣì jókòó sídìí tábìlì, ju ọdún mẹ́wàá sí i lọ.

Ìbejì ti ní tiwọn. Ẹ̀gbọ́n wọn, ọmọ ọdún 9, kò tíì ní. Òfin kò lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dànù, wọ́n á forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn àkókò, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí wọ́n yóò wá ló pọ̀ ju ti ọmọ tuntun lọ. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé ẹ̀rí yẹn máa ń kú díẹ̀díẹ̀. Omi ti wọ káàdì àjẹsára ọmọ yìí, ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí sí ti pa rẹ́. Ìwé orúkọ nílé ìwé sọ pé ọdún 2014 ni wọ́n bí i, nítorí hẹdimásítà ní kò tíì tó ọjọ́ orí, bàbá rẹ̀ sì fi ọdún kan kún un. Ìyá rántí pé Ọjọ́ Ajé ni òun bí i, nígbà òjò, lọ́dún 2015.

Kí wọ́n má ṣe mú ọjọ́ kan lásán. Ìlà àwọn abẹ́rẹ́ ṣì hàn lórí káàdì náà: àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 9 Oṣù Kẹsàn-án 2015, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ 20 Oṣù Kẹwàá. A kì í gún abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí a bá yọ ọjọ́ 42 kúrò, a ó dé ọjọ́ 8 Oṣù Kẹsàn-án, a ó sì mọ̀ pé wọn kò bí i lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Nígbà náà ni bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ. Ìwé ibẹ̀ kọ ọ́ pé ọjọ́ 14 Oṣù Kẹsàn-án ni ìkómọ, Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ kẹjọ tí Yorùbá ń kómọ máa ń bọ́ sí ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìbí, nítorí náà Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 7 Oṣù Kẹsàn-án 2015, ni wọ́n bí i. Ó bá ohun tí ìyá rántí mu, ó sì bá àwọn abẹ́rẹ́ mu.

Káàdì, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rọ̀ òbí ni wọn yóò kó lọ. Akọ̀wé lè ní kí wọ́n lọ búra ní kóòtù, kí wọ́n mú ìwé ìbúra wá. Kí wọ́n má fi ọdún 2014 tó wà nílé ìwé búra, nítorí ọjọ́ tí kò jóòótọ́ ni, ìbúra sì lẹ́jọ́ nínú bí irọ́ bá wọ̀ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìwé ìbúra yẹn ti tó. Ó ń ran akọ̀wé lọ́wọ́ ni, kò dípò ìwé-ẹ̀rí ìbí.

Ti ìyá wọn fúnra rẹ̀, tí wọ́n bí ní ọdún 1990, yàtọ̀. Ẹni tó ti kọjá ọdún 18 tí kò ní ìwé-ẹ̀rí ìbí ń gba ìwé ìjẹ́rìí ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ àjọ kan náà, wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé bí ọmọ tuntun mọ́.

Bí ìwé ẹ̀gbọ́n ìbejì bá ti jáde, kí bàbá mú un lọ bá hẹdimásítà, kí wọ́n tún ọdún tó wà nínú ìwé ilé ìwé ṣe kí ọmọ tó dé ìpele kẹfà. Ọjọ́ tó bá wà níbẹ̀ nígbà yẹn ni wọ́n á kọ sórí fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣewọ sẹ́kọ́ńdìrì, òun náà ni yóò sì máa tẹ̀lé e lọ sí ìdánwò tó bá kàn.