Bí Réésà Bá Gé Ọmọ Níka ní Kíláàsì

Ìbéèrè: Olùkọ́ Pírámárì 5 ni mí. Báwo ni mo ṣe lè fi eré kọ́ àwọn ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọgbẹ́ kékeré?

Ìdáhùn: Ọmọ mẹ́ta ti tó. Ọ̀kan ń fi réésà gbẹ́ pẹ́ńsù, ó gé ara rẹ̀ níka (ẹ má lo réésà gidi o, ẹ fi sóbò díẹ̀ ṣe ẹ̀jẹ̀). Ẹnì kejì á ki ọwọ́ bọ ọ̀rá mímọ́, á fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ibí ni wọ́n ti máa ń ṣìṣe: wọ́n á máa ṣí aṣọ wò, ẹ̀jẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo aago, kí ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú náà pé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá, kí wọ́n fi omi mímọ́ ṣan án, kí wọ́n lẹ pílásítà mọ́ ọn. Kò sí kẹrosíìnì, kò sí ìyẹ̀pẹ̀.

Ẹnì kẹta gbọ́dọ̀ ti sáré lọ pe àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀. “Ẹ gbà wá o!” nìkan kò tó. Kí ó sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, réésà gé Bọ́lá níka ní kíláàsì wa, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, Túndé ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.” Bí kò bá rí àgbà kankan, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá, kí ó pe 112. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn kó ipa ẹnì kẹta yìí lọ́kọ̀ọ̀kan.