Fóònù Tí Ń Pè Ṣùgbọ́n Tí Dátà Rẹ̀ Kò Ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, ẹ jẹ́ kí a fi Bàrígà wa níbí ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan gba fóònù àlòkù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ki síìmù MTN bọ̀ ọ́, ó ń pè, wọ́n sì ń pè é. Ó ra dátà, ó tan dátà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣí. Kí ni kí ó ṣe?

Kí ó kọ́kọ́ tẹ *323#, èyí tí a fi ń wo iye dátà tó kù. Títẹ̀ yìí kì í gba orí dátà kọjá. Nítorí náà, bí èsì bá dé, síìmù àti òpó gbọ́ ara wọn yé, a ó sì mọ̀ bóyá dátà wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti dí síìmù náà nítorí NIN, kò sí ètò inú fóònù tó lè tún un ṣe.

Èsì dé, dátà wà. Ó kan Airplane mode. Kí ó tàn án, kí ó ka ení títí dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì pa á. Fóònù yóò já kúrò lára òpó, yóò sì tún ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́tun. Èyí máa ń wo fóònù tó rọ̀ mọ́ "E" lókè sàn, bí irú èyí tó ti ọwọ́ òpó kan bọ́ sí òmíràn nínú bọ́ọ̀sì lórí afárá Third Mainland. Ti akẹ́kọ̀ọ́ wa kò yí padà.

Kí ó wá wo Preferred network type. "LTE/3G/2G (auto connect)" ni ó dára jù. Àwọn kan a máa fi í sí "LTE only" kí ó lè yára. Lójú tiwa, wàhálà ni wọ́n ń fi owó rà, nítorí ibi tí 4G kò bá dé, fóònù a yadi pátápátá, ìpè pàápàá lè má wọlé.

Ibi tí àrùn náà wà gan-an ni Access Point Names. Ìyẹn ni orúkọ ẹnu ọ̀nà tí dátà ń gbà jáde. Ìpè kò nílò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń pè. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣí i, ó bá a lófìfo. Kí ó tẹ àmì +, kí ó kọ orúkọ tó bá wù ú sí Name, kí ó sì kọ ìyókù báyìí:

```
APN: web.gprs.mtnnigeria.net
Username: web
Password: web
```

Bí síìmù Airtel bá ni, internet.ng.airtel.com ni APN, internet sì ni Username àti Password. Kí ó fi àwọn àyè tó kù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Kí ó ṣọ́ àlàfo tí bọ́tìnì ìkọ̀wé máa ń fi sí ẹ̀yìn àmì ìdánudúró fúnra rẹ̀. Àlàfo kan ṣoṣo, iṣẹ́ bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta lókè, kí ó yan Save. Ọ̀pọ̀ ló ń jáde láìṣe èyí, tí ohun tí wọ́n kọ a sì pòórá. Kí ó fọwọ́ kan róbótó iwájú orúkọ náà kí ó lè dúdú, kí ó pa dátà, kí ó sì tún un tàn. Bí "4G" bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì nẹ́tíwọ̀kì lókè, ọ̀nà ti là.