Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tíṣà Kíláàsì Kẹta: Bí A Ṣe Ń Fi Eré Kọ́ Ọ̀rọ̀-Orúkọ àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ tíṣà tán ní Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n sì gbé kíláàsì kẹta fún ní Adó, ní Ìyìn, ní Ìgèdè tàbí ní Ìlawẹ̀, ọ̀rọ̀ gírámà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín ló ń fi eré kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe, inú mi sì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n eré lè dùn kí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ má wọlé. Ẹ gbọ́ ohun tí ojú àgbà ti rí.

1. Ẹ mọ ìdí tí kíláàsì kẹta fi ṣe pàtàkì. Ní 1977 ni Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti sọ pé èdè abínibí tàbí èdè agbègbè ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Nígbà tó di àtẹ̀jáde 2004, wọ́n là á sílẹ̀ pé ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni. Ìlànà ti ń yí padà láti ìgbà náà, àmọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa kò yí: láti kíláàsì kẹrin, ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa sọ fún ọmọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì pín ọ̀rọ̀ sí kì í sì í ṣe ibi tí Yorùbá pín in sí ní gbogbo ìgbà. Ohun tí ọmọ bá mọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́dún yìí ni yóò gbé lọ síbẹ̀.

2. Ẹ má fi "ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí a ṣe" nìkan túmọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe fún wọn. Ibẹ̀ gan-an ni eré ti ń ṣi ọmọ lọ́nà. Ijó, ìjà, eré, ẹ̀rín: gbogbo wọn ni a ń ṣe, ojú sì ń rí wọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n. Ga, mọ̀, dùn, tutù, gbọ́n: kò sí ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ṣe wọ́n, síbẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n. Ọmọ tó bá ti fò, tó ti jó, tó ti sáré títí, tí ẹ kò sì fún un ní nǹkan mìíràn dì mú, yóò sọ pé ijó ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ kò sì ní lè dá a lẹ́bi.

Ohun tí kò ní jẹ́ kó ṣìnà kò ju ọ̀rọ̀ kékeré méjì lọ. Ẹ fi "kò" sí iwájú ọ̀rọ̀, kí ẹ fi "yìí" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò jó, kò ga, kò mọ̀, gbogbo wọn bá etí mu. Ijó yìí, ìjà yìí, bàtà yìí, àwọn náà bá etí mu. Ẹ wá sọ pé "kò ijó", kí ẹ wo ojú àwọn ọmọ. Wọ́n ti ń sọ Yorùbá láti ọmọdé, etí wọn ti mọ èyí tí kò dára kí ẹ tó là á yé wọn.

3. Ní ọjọ́ kìíní, inú kíláàsì ni kí ẹ ti ṣeré, ẹ má tíì lọ sí pápá. Ẹ gé páálí sí wẹ́wẹ́, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sí i gàdàgbà: fò, bàtà, dìde, ẹnu, rìn, ìrìn, jó, ijó, jókòó, ìjókòó. Àwọn ọmọ yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì wọn. Bí ẹ bá pe ọ̀rọ̀ tí a lè fi pàṣẹ, kí wọ́n ṣe é; bí kì í bá ṣe irú rẹ̀, kí wọ́n dúró ṣinṣin. Àwọn mẹ́rin tó rọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.

Nígbà tí ẹ bá pe "ìjókòó", ó ṣeé ṣe kí ìdajì kíláàsì jókòó. Ẹ dá eré dúró níbẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú yẹn ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà wà. Ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó, kí ẹ ní, "Ó dáa, fi 'kò' sí i ká gbọ́." Ọmọ tó gbọ́n nínú wọn lè dáhùn pé, "Kò sí ìjókòó, mà." Ẹ má sọ pé ó kùnà. Ẹ bi í pé èwo ló tẹ̀lé "kò" gan-an nínú ohun tó sọ. Yóò wò ó títí, yóò ní, "Sí." Ó ti rí i fúnra rẹ̀ pé "sí" ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí òun wá kún un, kí "ìjókòó" tó lè wọlé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ to àwọn páálí náà sí ọ̀nà méjì lára pátákó, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọn yóò rí i pé kọ́ńsónáǹtì ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe, bẹ́ẹ̀ ló sì rí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò: ọ̀rọ̀-ìṣe kì í fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀. Fáwẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ. Àmọ́ ẹ tètè fi ìka kan "bàtà", kí wọ́n má baà rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Bàbá, fìlà, gèlè àti tábìlì ń bẹ níbẹ̀.

4. Ní ọjọ́ kejì, ẹ kó wọn lọ sí pápá, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe Ẹkùn mẹ́ran. Eré náà kò ṣàjèjì sí yín: àwọn ọmọ yóò di ara wọn lọ́wọ́ mú yípo, ẹran wà láàárín, ẹkùn wà lóde, ó ń wá ọ̀nà wọlé. Mi ò mọ eré ilé wa mìíràn tó gbé gírámà dání tó báyìí, nítorí gbólóhùn odindi ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ fún ọmọ mẹ́ta ní páálí ńlá mẹ́ta kí wọ́n gbé e sókè níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i: ẹkùn, mú, ẹran. Bí ẹkùn bá ti fọwọ́ kan ẹran, ẹ bi wọ́n, "Kí ni ẹkùn ṣe?" Wọn yóò ní, "Ó mú ẹran." Ẹ wá pààrọ̀ páálí àárín nìkan. Bí ó bá di "lé", ẹkùn gbọ́dọ̀ sáré tẹ̀lé ẹran yí agbo ká láìfọwọ́ kàn án. Bí ó bá di "rí", ẹkùn yóò dijú, yóò lajú, yóò nàka sí ibi tí ẹran wà, ó parí. Àwọn ọmọ kan náà ni, agbo kan náà ni, ṣùgbọ́n eré ti yí padà nítorí pé ọ̀rọ̀ àárín yí padà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò nílò àlàyé gígùn lórí iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nínú gbólóhùn lẹ́yìn èyí.

Ẹ tún mú àwọn tó gbé páálí ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Ó di "Ẹran lé ẹkùn". Ariwo ẹ̀rín yóò sọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti rí i pé ọ̀rọ̀-orúkọ lè wà níwájú, ó lè wà lẹ́yìn, ìtumọ̀ ló máa yí. "Lé" ní tirẹ̀ kò kúrò láàárín.

Ìgbà tí ara wọn bá rọlẹ̀ ni kí ẹ tó fi igi kọ "mú ẹran" sórí ilẹ̀. Ẹ pa ú rẹ́. Ohùn òkè tó wà lórí rẹ̀ kò bá a lọ, orí ẹ ló bọ́ sí: mẹ́ran. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni ọ̀rọ̀-ìṣe wà báyìí. Kí ọmọ kan wá ṣe bí ẹni tó ń gúnyán, èyí tí kò sí ọmọ Èkìtì tí kò lè ṣe. "Kí ló ń gún?" "Iyán ni." Nínú "gúnyán", ọ̀rọ̀-orúkọ ló pàdánù fáwẹ̀lì rẹ̀, nínú "mẹ́ran", ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ìbéèrè "kí ló ń…?" yìí ló máa ń fa ọ̀rọ̀-orúkọ tó fara pamọ́ yọ: gbálẹ̀, pọnmi, kọrin, kàwé. Ẹ má fi ipá la "jókòó" sí méjì, kò ní yé wọn. Odindi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni kí ẹ kà á sí.

5. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ara kò lè ṣe ńkọ́? Ẹ gbé ife omi méjì wá, kí ẹ ti gbé ọ̀kan sínú oòrùn láti àárọ̀, kí èkejì ti inú àmù wá. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ki ìka bọ̀ ọ́, kó sọ pé "Ó tutù" tàbí "Kò tutù". Ẹ mú ọmọ méjì fara ti ara wọn: "Ó ga." "Kò ga." Ìwé Gẹ̀ẹ́sì yóò kó irú ọ̀rọ̀ báyìí sí ọ̀rọ̀-àpèjúwe, ọ̀pọ̀ tíṣà sì ń gbé e wọ Yorùbá bẹ́ẹ̀. "Gíga" nínú "igi gíga" ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe tiwa. "Ga" nínú "igi náà ga" ń ṣe ohun tí "jó" ń ṣe, ó sì ń gba "kò" bíi tirẹ̀.

6. Ẹ má lé ẹni tó bá kùnà jáde nínú eré. Ẹni tí ẹ lé jáde ni eré náà wà fún. Ẹ sọ ọ́ di ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó dá ẹnìkejì lẹ́jọ́, kó tún padà. Iṣẹ́ yìí kan náà dára fún ọmọ tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè sáré.

7. Nínú kíláàsì tí ọmọ pọ̀, ẹni tó wà níwájú ló mọ̀ ọ́n, àwọn yòókù ń wò ó ṣe. Láti mọ̀, ẹ ní kí gbogbo wọn jókòó kí wọ́n dijú. Bí ẹ bá pe ọ̀rọ̀-ìṣe, kí wọ́n na ọwọ́ sókè; bí ẹ bá pe ọ̀rọ̀-orúkọ, kí wọ́n gbé ọwọ́ lérí. Ẹ óò rí i lójú ẹsẹ̀ àwọn tó ń dúró de ìró aṣọ ẹnìkejì wọn.

8. Bí ọmọ bá pe ilé ní "ulé", tó pe iṣu ní "uṣu", ẹ má ká a lọ́wọ́ kò. Ọ̀rọ̀-orúkọ ló pè, fáwẹ̀lì ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Inú ìwé kíkọ ni "ilé" ti di dandan.

9. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún yìí sí pátákó: Bàbá ra bàtà. Ijó náà dùn. Àbúrò mi ga. Ẹkùn mú ẹran. Ìyá ń gúnyán. Kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, kí wọ́n fi òdo yí ọ̀rọ̀-orúkọ ká. Ọmọ tó bá fa ìlà sábẹ́ "ijó" ṣì ń wo ohun tí ojú rí, ẹ dá a padà sí "kò" àti "yìí". Ẹni tó bá fo "ga" ni kí ẹ gbé ife omi fún. Ẹni tó bá fa ìlà sábẹ́ odindi "gúnyán" gbà á ní kíláàsì kẹta. Ẹni tó bá tú u sí "gún iyán" ni kí ẹ kọ́kọ́ pè bí ẹ bá dé orí ẹ̀kọ́ bí "jó" ṣe ń di "ijó". Bí ó bá lé ní ìdá mẹ́ta kíláàsì tó kùnà gbólóhùn kejì, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹ gé páálí mìíràn, kí ẹ kọ "jà, ìjà, kọ́, ẹ̀kọ́, rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín" sí i, kí ẹ sì tún eré ọjọ́ kìíní ṣe.