Àwìn Epo àti Iye Tí Kò Yẹsẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Lẹ́tà Àìgbẹ̀fẹ̀ Kan fún Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Ìfáárà

Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àròkọ onílẹ́tà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa tètè mọ ìlànà lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀: àdírẹ́sì méjì, déètì, ìkíni, àkọlé, kókó ọ̀rọ̀, ìkádìí àti ìbuwọ́lùwé. Kókó ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti máa ń kọsẹ̀. Bí a bá ní kí wọ́n tọrọ àwìn, ẹ̀bẹ̀ àti àdúrà ni wọ́n máa ń kó síbẹ̀. Wọn kì í sọ iye tí wọ́n ń fẹ́ tàbí ọjọ́ tí wọn yóò san án. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó lo lẹ́tà oníṣòwò kan sí ẹni tí ó ń ta epo láti fi hàn pé àbá tí ó ní òǹkà nìkan ni ọlọ́jà lè dáhùn.

Ìdí tí Iye Epo fi Ṣòro Láti Dá Dúró

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Jálá epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ di 488 náírà ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye náà sì ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Ẹni tí ó bá kàn kọ̀wé pé kí wọ́n má fi owó kún epo òun ń béèrè ohun tí ọwọ́ olùtà kò ká, nítorí òun náà ń ra epo rẹ̀ ní dẹ́pò ni.

Àpẹẹrẹ Lẹ́tà

Àdúgbò Mọ́kọ́lá,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà Ilé-Epo,
Àdúgbò Dùgbẹ̀,
Ìbàdàn.

Alàgbà,

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWÌN EPO ỌLỌ́SẸ̀ MÉJÌ ÀTI IYE TÍ KÒ YẸSẸ̀

Alùpùpù mẹ́jọ ni mo fi ń kó ẹrù lọ fún àwọn oníbàárà ní Ìbàdàn. Ó ti pé ọdún kan tí a ti ń ra epo lọ́dọ̀ yín lówó lọ́wọ́. Alùpùpù kọ̀ọ̀kan ń lo jálá márùn-ún lójúmọ́, a sì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́fà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 240 jálá lọ́sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ní ọjọ́ Ẹtì, ni àwọn ilé ìtajà tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ń sanwó. Nítorí náà, mo ń béèrè pé kí a máa gba epo ní àwìn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n sì san gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀ lé ọjọ́ Ẹtì náà. Kí gbèsè náà má kọjá 450,000 náírà. Bí mo bá fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́, kí ẹ dá àwìn dúró.

Ní ti iye, mo dá a lábàá pé kí iye ojú pátákó yín ní ọjọ́ Ajé tí ọ̀sẹ̀ méjì náà bẹ̀rẹ̀, tí ó jẹ́ 900 náírà lónìí, dúró títí di òpin rẹ̀. Bí iye ojú pátákó bá lọ sókè tàbí wá sílẹ̀ ju 50 náírà lọ, kí iye tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí ọ̀kan nínú wa bá ti fi tó ẹnì kejì létí.

Ìwé pélébé tí mo bá buwọ́ lù nìkan ni kí ẹ fi fún àwọn òṣìṣẹ́ mi ní epo. N ó mú onígbọ̀wọ́ kan wá. Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
(Ìbuwọ́lùwé)
Olùdarí Iṣẹ́

Àlàyé lórí Lẹ́tà Náà

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ 480 jálá. Ní 900 náírà, owó rẹ̀ jẹ́ 432,000 náírà, èyí tí kò kọjá òpin gbèsè. Bí jálá kan bá di 1,000 náírà, 450,000 náírà yóò ra 450 jálá péré, oníṣòwò yóò sì san owó 30 jálá tó kù lọ́wọ́. Òpin gbèsè tí a fi náírà sọ ń dáàbò bo olùtà nígbà tí epo bá wọ́n.

Àbá orí iye kò sì fi ìyà jẹ ẹnì kan. Bí epo bá fi 50 náírà wọ́n sí i, ohun tí ó pọ̀ jù tí olùtà lè pàdánù lórí 480 jálá ni 24,000 náírà. Bí ó bá fi 50 náírà wálẹ̀, oníṣòwò ni yóò ru ẹrù náà. Bí ìyípadà bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó jọ yí iye padà. Lẹ́tà tí ó ń béèrè pé kí iye dúró bí epo bá wọ́n, ṣùgbọ́n kí ó wálẹ̀ bí epo bá pọ̀, kò ní rí èsì rere.

Ọjọ́ ìsanwó pẹ̀lú ní ìdí: owó wọlé ní ọjọ́ Ẹtì, ó jáde ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọjọ́ ìsanwó ṣáájú ọjọ́ tí owó ń wọlé, gbèsè ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Ìwé pélébé ń dènà ìjà: ní òpin ọ̀sẹ̀, bí àpapọ̀ jálá inú ìwé bá ju 240 lọ, a mọ̀ pé ẹnì kan ti gba epo tí kì í ṣe ti iṣẹ́.

Ní ti èdè, ọ̀wọ̀ wà nínú "ẹ" àti "yín", ṣùgbọ́n "mo dá a lábàá" ni akọ̀wé lò, kì í ṣe "ẹ ṣàánú mi". Ẹni tí ń tọrọ àánú kò ní ohun tí ó lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Akọ̀wé yìí ní ọjà 240 jálá lọ́sẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Kí olùkọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iye alùpùpù, jálá àti ọjọ́ ìsanwó mìíràn, kí wọ́n tún lẹ́tà náà kọ. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́, kí oníkálukú kọ èsì bí ẹni tí ó ń ta epo. Ohun tí ẹni náà bá ní láti tún béèrè nínú èsì rẹ̀ ni akọ̀wé àkọ́kọ́ gbàgbé láti sọ.