Ẹ Ka Owó Kí Ó Dúró Létí

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka ìròyìn lórí rédíò, ẹni tó ń gbọ́ yín nínú dánfó lábẹ́ bíríìjì Ojú Ẹlẹ́gbà kò ní ìwé yín lọ́wọ́. Kọ́ńdọ́ ń pariwo, hóònù ń dún. Bí nọ́ńbà bá ti fò ó, ó tán nìyẹn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù lọ́dún 2023. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí oṣù náà tó parí, lítà kan tí à ń rà ní nǹkan bíi náírà 185 l'Ékòó ti di 488 nílé epo NNPC. Ẹni tó bá kà á pé, "Owó epo fi ìdá mẹ́rìnlélọ́gọ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, láti náírà márùndínláàádọ́wàá sí irínwó náírà ó lé méjìdínláàádọ́rùn-ún," kò purọ́, àmọ́ nọ́ńbà mẹ́ta ló dà sí olùgbọ́ létí láìmí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ rèé: "Lítà epo kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, náírà méjìlá ló kù." Ẹ mí. "Ó ti lé ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ iye tí à ń rà á tẹ́lẹ̀." Ẹ tún mí. "Kẹ́ẹ̀gì ogún lítà tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà, díẹ̀ ló kù kó wọ ẹgbàárùn-ún." Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ nílé kò ní gbàgbé ìyẹn. Nọ́ńbà tó pé ló kọ́kọ́ gbọ́, ohun tó dín sì kéré. Bí ohun tó dín bá pọ̀, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló léwu jù. Àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ́ 34.80 ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ní oṣù Kìíní 2025, ó di 24.48. Bí ẹ bá sọ pé "ó wálẹ̀" tí ẹ sì dákẹ́, ìyá tó ń ta gààrí á rò pé ọjà ti pọ́ọ́kú. Ọjà ṣì ń gbówó lórí. Àjọ náà ló yí ọdún tó fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò padà, nítorí náà a kò lè fi nọ́ńbà méjèèjì wé ara wọn. Ẹ sọ ìyẹn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wí pé: "Ọjà tí a fi ọgọ́rùn-ún náírà rà lésìí, nǹkan bíi náírà mẹ́rìnlélógún ààbọ̀ ti gorí rẹ̀."

Ẹ fi bírò kọ gbogbo nọ́ńbà ní ọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé kàwé, ẹ ka gbólóhùn náà fún ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ ní kó sọ iye náà padà. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ tún un kọ. Àmọ́ ìbò tí wọ́n kà àti owó ìtanràn ilé-ẹjọ́, ẹ kà á pé títí dórí ẹyọ kan.