Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Ìdákẹ́ ssh Lẹ́yìn Ìwọlé Lórí VPN

Ìtumọ̀

1. Àpò dátà ni ègé kọ̀ọ̀kan tí kọ̀ǹpútà ń gé iṣẹ́ rẹ̀ sí kí ó tó fi ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.
2. MTU ni ìwọ̀n àpò dátà tó tóbi jù lọ tí ọ̀nà kan lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Báìtì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ti Ethernet sábà máa ń jẹ́ 1500.
3. Ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ni ọ̀nà tí VPN ń là láàárín kọ̀ǹpútà méjì. Ó ń fi àpò dátà kan sínú òmíràn kí ó tó rán an lọ. Báìtì tí àpò ìta fi kún ti inú ni a ó máa pè ní ìbòrí.
4. Ìdákẹ́ lẹ́yìn ìwọlé ni pé páásíwọ́ọ̀dù wọlé, àṣẹ `pwd` sì ń dáhùn, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ `ls -lR /etc`, ojú ẹ̀rọ kò ní yí mọ́.

Irúfẹ́

1. Ìdákẹ́ ṣáájú ìwọlé: `ssh -vvv` á dúró síbi `expecting SSH2_MSG_KEX_ECDH_REPLY`. Àpò ńlá ti sọnù níbi tí ẹ̀rọ méjèèjì ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́.
2. Ìdákẹ́ lẹ́yìn ìwọlé: àpò ńlá láti ọ̀dọ̀ sáfà sí oníbàárà nìkan ló sábà máa ń sọnù. Èyí ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé.

Ohun tó ń fà á: àpẹẹrẹ kan

1. Kọ̀ǹpútà oníbàárà wà nílé, lẹ́yìn ráútà tó ń lo PPPoE. Sáfà wà lórí Ethernet. WireGuard so wọ́n pọ̀ lórí IPv6, MTU `wg0` sì jẹ́ 1420 ní ìhà méjèèjì.
2. Ìbòrí WireGuard lórí IPv6 jẹ́ 80: IPv6 gba 40, UDP gba 8, WireGuard fúnra rẹ̀ gba 32. Àpò inú tó kún dé 1420 yóò di 1500 lóde.
3. PPPoE ń gba báìtì 8 nínú 1500, nítorí náà 1492 ló ṣẹ́ kù. Àpò náà fi báìtì 8 péré tóbi ju ọ̀nà lọ.
4. Ráútà IPv6 kì í gé àpò tó tóbi jù. Ó máa ń jù ú nù, á sì fi ìkìlọ̀ ICMPv6 irú 2 ránṣẹ́ sí ẹni tó rán an.
5. Ìkìlọ̀ ti ráútà ilé dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, oníbàárà sì ń gé àpò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìkìlọ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ sáfà ni ògiri ààbò dí mọ́ lọ́nà.
6. Sáfà kò gbọ́ nǹkan kan, ó ń tún àpò kan náà rán ní ìwọ̀n kan náà. Lẹ́tà tí a ń tẹ̀ kéré, nítorí náà ó ń kọjá. Ibí yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe nínú ètò ssh, níbi tí kò sí.

Àyẹ̀wò

1. A ó tẹ `~.` lẹ́yìn Enter láti já ssh tó dákẹ́, a ó sì dán ọ̀nà abẹ́lẹ̀ wò láti ilé dé àdírẹ́sì sáfà nínú rẹ̀, `10.8.0.1`:

```
ping -M do -c 3 -s 1392 10.8.0.1
ping -M do -c 3 -s 1380 10.8.0.1
```

2. `ping` ń fi 28 kún iye tí a tẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ 1420, kò ní sí èsì. Èkejì jẹ́ 1408, èsì á wá.
3. Lórí sáfà, `ss -tn` á fi hàn pé Send-Q ti ssh kò dínkù.
4. Bí ssh bá falẹ̀ tó sì tún tẹ̀síwájú, MTU kọ́ ló sábà máa ń fà á.

Àtúnṣe

1. 1492 yọ 80 jẹ́ 1412. A ó fi í sí ìhà méjèèjì:

```
sudo ip link set dev wg0 mtu 1412
```

2. Ìhà kan ṣoṣo kò tó. WireGuard ń fi báìtì òfìfo kún àpò kí ó lè dé ìlọ́po 16, láìkọjá MTU tirẹ̀. Bí sáfà bá ṣì wà ní 1420, yóò sọ àpò 1412 di 1420, ìdákẹ́ á sì padà.
3. Kí àtúnṣe náà lè wà títí, a ó kọ `MTU = 1412` sábẹ́ `[Interface]` nínú fáìlì `wg-quick`.
4. A ó tún ssh bẹ̀rẹ̀, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ni TCP ti ń sọ ìwọ̀n tó lè gbà. `ping` pẹ̀lú `-s 1384` yóò wá dáhùn.

Ìṣòro tó lè ṣẹ́ kù

1. Ṣíṣí ọ̀nà fún ICMPv6 irú 2 lórí ògiri ààbò náà ló ń wo orísun àìsàn náà sàn, ṣùgbọ́n ògiri tó dí i lè má sí lọ́wọ́ wa.
2. Ìlànà `--clamp-mss-to-pmtu` nínú `iptables` ń dín ìwọ̀n àpò TCP kù. Bí ráútà ilé bá lò ó, kò lè ran WireGuard lọ́wọ́: UDP ni ráútà ń rí, TCP ti ssh wà nínú àpò UDP náà.